Bíìlì Ìkẹyìn Bàbá Fọ̀ọ́mọ́

Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kí òun fúnra rẹ̀ tó gbà pé ó tó gẹ́ẹ́. Alágbàfọ̀ ni. Bàbá Fọ̀ọ́mọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sí àbàwọ́n tí wọ́n gbé dé iwájú rẹ̀ tí kì í sọ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, a ó fọ̀ ọ́ mọ́." Iwájú ilé náà ló ń sùn sí, àgbàlá ẹ̀yìn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn agbada ńlá tó fi ń fọṣọ wà, ibẹ̀ ló ta okùn ìsáṣọ sí, ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ omi tó ń yọ láìdúró látàárọ̀ dalẹ́ wà. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ sì ti tú ká síbi tí iṣẹ́ gbé wọn lọ. Nígbà tó di pé kó tó lè dìde nídìí agbada, àfi kó di ògiri mú, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, sọ fún un lórí fóònù pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Yàrá wà. Ẹ ti fọ aṣọ ayé tán."

Ó gbà. Ó sọ fún onílé, ó sọ fún àwọn oníbàárà, ó tún forí lé ọ́fíìsì omi láti ti àkáǹtì rẹ̀.

Obìnrin tó jókòó sídìí káńtà níbẹ̀ jẹ́ ẹni tó fa ìgò ojú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dórí imú, tí ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó gba bíìlì tó kẹ́yìn lọ́wọ́ bàbá, ó wo nọ́ńbà àkáǹtì, ó tẹ kọ̀ǹpútà díẹ̀.

"Bàbá, ọjọ́ wo lẹ máa kó jáde? A máa rán ẹni tó máa ka mítà lọ́jọ́ náà. Ohun tó bá kà la máa fi ṣe bíìlì ìkẹyìn. A máa yọ ọ́ nínú owó ìdógò tí ẹ san nígbà tí ẹ kọ́kọ́ gba omi. Èyí tó bá ṣẹ́kù, a máa san án sí báńkì yín."

Bàbá ti gbàgbé pé òun san owó kankan sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ó wá ń rántí díẹ̀díẹ̀: torí ó jẹ́ alágbàfọ̀, tí omi tó ń lò pọ̀, ìdógò tiẹ̀ ga ju ti àwọn ará ilé lásán lọ. Inú rẹ̀ dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọjọ́ tó máa kó jáde, ó fi àdírẹ́sì àbúrò rẹ̀ sílẹ̀, ó buwọ́ lùwé, ó lọ.

Lọ́jọ́ tó kó jáde, ọkọ̀ akẹ́rù dé ní àárọ̀. Wọ́n di ẹrù tán, ẹni tó fẹ́ ka mítà kò yọjú. Bàbá jókòó sórí agbada tó dojú dé, ó ń wo ọ̀nà. Awakọ̀ ń fọn fèrè. Ó tún fọn ọ́n. Nígbà tó yá ó sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Bàbá, ọkọ̀ yìí kò lè sùn síbí o. Ẹrù ẹlòmíì ń dúró dè mí." Bàbá ti géètì, ó lọ fi kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́. Onílé kọ ọ́ sínú ìwé ní ìbámu pẹ̀lú àdéhùn wọn pé òní ni òun gba kọ́kọ́rọ́, ó fún un ní ẹ̀dà kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ. Kò sí ẹni tó wo mítà. Kò tilẹ̀ wá sí òun náà lọ́kàn láti wò ó.

Ìsinmi dùn nílé àbúrò rẹ̀ títí bíìlì ìkẹyìn fi dé. Tíṣà ló já a. Ó kà á, ó tún un kà bí ẹni ń ka ìwé ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ìsọkúsọ.

"Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ti gbé ìdógò yín mì, wọ́n tún ní ẹ ṣì jẹ àwọn ní gbèsè."

"Gbèsè wo?"

"Ẹ wò ó. Wọ́n ní àfojúdá ni, torí wọn ò rí mítà kà. Ọjọ́ tí wọ́n sì ka omi náà dé, ẹ ti wà lọ́dọ̀ mi tipẹ́."

Bàbá gba ìwé náà, ó gbé e sórí itan. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ìbínú pàápàá kò rí àyè jókòó. Ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ fárí gá: "Fi kí ni sílẹ̀? Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́? Ẹ padà lọ, ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀!"

Ó wọ ọkọ̀ padà lọ. Ilé àtijọ́ ló kọ́kọ́ yà sí, kó lè mọ ohun tó wà lórí mítà. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ṣílẹ̀kùn, ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tó ti iṣẹ́ bọ̀ tí kò tíì sùn. Bàbá sọ ẹni tóun jẹ́.

"Áà, ẹ̀yin ni Bàbá Fọ̀ọ́mọ́! Àwọn èèyàn ṣì ń kanlẹ̀kùn láti gbé aṣọ wá o. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, sà."

Nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé bàbá wá, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó wọlé lọ mú ìwé pélébé kan jáde. Ó ní lọ́jọ́ tóun kó wọlé lòun bá a lábẹ́ géètì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: òṣìṣẹ́ omi wá, ó bá géètì ní títì, kí wọ́n pe ọ́fíìsì. Òun rò pé ti ẹni tó ti lọ ni.

"Omi sì ń yọ, sà. Mo ní máa lọ ṣí àkáǹtì tèmi tówó oṣù bá wọlé. Owó wọlé, wọ́n ní owó ìdógò wà níbẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ san kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo bá ń sún un síwájú." Ó wo ilẹ̀. "Tí ẹ bá sọ fún wọn, ṣé wọn ò ní gé e?"

 Bàbá jókòó sórí àga oníke tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ ra orúnkún. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ń wò ó. Bàbá ní, "Gbé fóònù rẹ, ya àwòrán mítà náà kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn dáadáa. Jẹ́ ká jọ lọ. Tí wọ́n bá wá gé e láìsọ fún ẹ, ìyẹn ló máa burú jù."

Wọ́n jọ lọ. Obìnrin onígò ojú rántí bàbá. Ó wo ìwé tí onílé kọ nípa kọ́kọ́rọ́, ó wo ìwé abẹ́ géètì, ó wo àwòrán mítà. Ó jẹ́wọ́ pé ó yẹ kí wọ́n rán ẹlòmíì padà lọ kà á, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn máa fagi lé bíìlì àfojúdá náà, ọjọ́ tí bàbá dá kọ́kọ́rọ́ padà sì ni àkáǹtì rẹ̀ máa parí sí. Ìṣòro kan ló kù: kò sẹ́ni tó mọ iye tó wà lójú mítà lọ́jọ́ náà.

"A ní èyí tí òṣìṣẹ́ wa fojú ara rẹ̀ kà kẹ́yìn kí ẹ tó kó lọ. A ní tòní. Tí mo bá pín omi tó wà láàárín méjèèjì dọ́gba sórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin máa san títí dọjọ́ kọ́kọ́rọ́, àǹtí yìí máa san ìyókù sórí àkáǹtì tuntun." Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, èyí tó pọ̀ nínú ìdógò yín máa padà."

Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sí bírò, ó ti ṣetán láti buwọ́ lù ú, ó sáà ṣọpẹ́ pé wọn ò dárúkọ gígé. Bàbá náà fẹ́ lọ sílé. Orúnkún ń ta á, ebi ń pa á, bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n máa buwọ́ lù ló kù. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè.

"Màdáámù, ẹ má bínú," ó ní. "Ìpín yẹn kò gún."

"Báwo, Bàbá? Ẹ̀yin ló ṣe láǹfààní."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Alágbàfọ̀ ni mí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìtura ni mò ń fọ̀. Tí ẹ bá pín omi mi àti omi rẹ̀ dọ́gba, ọmọ yìí á máa sanwó aṣọ tí mo fọ̀ kó tó mọ ilé náà."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí i. Kò tíì yé e tẹ́lẹ̀. Obìnrin onígò ojú yọ ìgò rẹ̀, ó nu ojú.

"Ọ̀nà kejì wà," ó ní jẹ́ẹ́. "Mo lè fi bí ẹ ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀ ṣírò tiyín, láti inú àwọn èyí tí a kà lóòótọ́. Ìyókù ni mo máa kà sí tiẹ̀. Ṣùgbọ́n bíìlì yín á ga o. Díẹ̀ ló máa ṣẹ́kù nínú ìdógò."

"Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ó ṣe é. Ó fún nọ́ọ̀sì náà ní fọ́ọ̀mù tiẹ̀, ó ṣàlàyé fún un pé ìdógò ará ilé kéré sí ti oníṣòwò, àti pé wọ́n gbà kó san án lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń kọ ọ́, ọmọ rẹ̀ ń já ìdí bírò gbà. Nígbà tí wọ́n jáde, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ ní ojú pópó. Bàbá ní, "Dìde, dìde. Omi mi ni mo san owó rẹ̀, n ò fún ẹ ní ẹ̀bùn kankan." Bó ṣe rí lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Kò nímọ̀lára pé òun ṣe ohun ńlá kan. Ó kàn ń wá ibi tí òun lè jókòó sí.

Àbúrò rẹ̀ gbọ́ ìtàn náà, ó pàtẹ́wọ́. "Bọ̀ọ̀dá mi! Mo ní kẹ́ ẹ lọ gba owó wá, ẹ lọ fi kún bíìlì ara yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣerú ẹ̀." Ó bínú títí ó fi bu oúnjẹ síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran tó bù sí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Owó tó ṣẹ́kù náà kò tètè dé. Wọ́n ní ó ń lọ láti tábìlì kan dé òmíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù bàbá dún lórí tábìlì. Báńkì ni. Tíṣà mú un, ó wo iye tó wọlé, ó mí kanlẹ̀. Kò tó nǹkan, ó tó ra oògùn orúnkún àti bàtà kan. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti sọ fún un. Bàbá ti sùn lórí àga, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti bó wà lórí àyà.

Tíṣà pa ohùn fóònù náà, ó rọra gbé e padà síbi tó wà.