Méjìlá Tó Ju Mẹ́rìnlélógún Lọ

Ọgbọ̀n ọdún ni tonton Rafiou, bí a ṣe ń pe àgbà ọkùnrin, fi kọ́ wa ní ìṣirò nílùú Tchatchou. Nígbà tí Ìrètí, tó ń ra èso kajú tà, fẹ́ yá 120 000 faranki fún ọdún kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló lọ. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ń gba èlé mẹ́rìnlélógún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, lórí gbèsè tó bá ṣẹ́ kù. Ilé ayánilówó kan ní méjìlá lòun ń gbà. Tonton ò tiẹ̀ mú bírò. "Èwo ló kéré níbẹ̀, ọmọ mi?"

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, Ìrètí padà wá. "Tonton, mo ti san ìdajì. Kí ló dé tí èlé ò dín kù?"

Ìgbà yẹn ni tonton ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé àdéhùn tí Ìrètí bá ilé ayánilówó náà ṣe. Lóṣooṣù, Ìrètí ń san 10 000 nínú gbèsè, 1 200 èlé lórí gbogbo 120 000 bí ẹni pé kò tíì san kọ́bọ̀, àti 500 owó ìwé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11 700. Tonton wá èlé oṣù tí irú sísan bẹ́ẹ̀ fi lè pa gbèsè náà tán lóṣù méjìlá: méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Kí èlé máa gorí èlé títí ọdún fi pé, ó di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ààbọ̀. Ti ẹgbẹ́, tó bá ṣírò ó bákan náà, kò tiẹ̀ pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ọkùnrin tó ń na wá bí a bá kọ ìdáhùn láìṣe iṣẹ́! Mo jẹ nínú ẹgba yẹn.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni tonton sọ fún Ìrètí.

Nígbà tó san gbèsè náà tán, Ìrètí gbé iṣu mẹ́ta wá. "Ẹ ṣé, tonton. Ẹ̀yin lẹ bá mi yan èlé tó kéré."

Tonton gbà á. Iṣu náà jẹrà sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀.