Sòkòtò Kì í Tóbi Lórí Òṣùpá

Ẹ má wulẹ̀ bá mi wá ẹni tó mọ fisíìsì í kọ́ ju Adélaní Akíntóyè lọ ní ìlú Oǹdó. Ẹ ó kàn fi bàtà ṣòfò ni. Èdè Yorùbá lèmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé kan náà, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín kíláàsì mi àti tirẹ̀. Bí mo bá ń kọ́ àwọn tèmi ní ewì, ẹ̀rín àwọn ọmọ tirẹ̀ ni yóò máa bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Mo bá a jà títí ó fi sú mi. Màá ní, "Bàbá Lọpẹ́, ṣé iṣẹ́ lẹ̀ ń kọ́ wọn ni àbí ẹ̀ ń ṣeré?" Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ẹfun á ti kun gbogbo ọwọ́ rẹ̀, á ní, "Ìyá Ọláyẹmí, ẹ ṣe sùúrù fún wa. Òṣùpá là ń lọ, a ó padà dé kí agogo tó lù."

Òṣùpá yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Tísà Òṣùpá ni gbogbo ọmọ ń pè é lẹ́yìn, òun náà mọ̀, ó sì dùn mọ́ ọn. Lọ́dọọdún, bó bá kan ọ̀rọ̀ ìwúwo àti máàsì, ìwọ̀n méjì ló máa ń gbé wá sí kíláàsì. Ọ̀kan jẹ́ irú èyí tí àwọn alápatà fi ń wọn ẹran, tó ní ìkọ́ nísàlẹ̀ àti sípíríǹgì nínú. Èkejì, igi ló fi gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, ó ní apá méjì, ó sì fi páànù so abọ́ mọ́ apá kọ̀ọ̀kan.

Mo ti gbọ́ ẹ̀kọ́ náà láti ẹ̀yìn ògiri débi pé mo lè kà á lórí. Á fi òkúta kọ́ sára ìwọ̀n onísípíríǹgì, á ní, "Ẹ wò ó. Ilẹ̀ ń fa òkúta, òkúta ń fa sípíríǹgì. Bí ilẹ̀ ṣe ń fà á tó ni ojú ìwọ̀n yìí ń sọ fún wa. Ìwúwo nìyẹn. Òṣùpá kò lágbára tó ilẹ̀ wa, ìdá kan nínú mẹ́fà ló lè fi fà yín. Ẹni tí ìwọ̀n yìí bá kà sí ọgọ́ta kílò lónìí, bí mẹ́wàá ni yóò kà á sí lọ́hùn-ún." Àwọn ọmọ á hó yèè. Á wá gbé ìwọ̀n alápá méjì sórí tábìlì. "Ṣùgbọ́n máàsì ńkọ́? Máàsì ni iye ohun tó wà nínú yín, ẹran, egungun àti ẹ̀jẹ̀. Ṣé òṣùpá yóò jẹ ẹran yín ni? Òkúta rèé lápá ọ̀tún, irin rèé lápá òsì, wọ́n dọ́gba. Ẹ gbé wọn dé òṣùpá, wọn yóò ṣì dọ́gba, nítorí bí òkúta ṣe fúyẹ́ náà ni irin ṣe fúyẹ́." Bí ọmọ kan bá ní òun yóò fi ọwọ́ kan ti mọ́tò lọ lórí òṣùpá, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Gbígbé e sókè lè rọrùn o, ṣùgbọ́n láti tì í kó gbéra láti ojú kan, bó ṣe lágídí tó níbí náà ló máa lágídí tó lọ́hùn-ún. Máàsì rẹ̀ kò kúrò níbì kan."

Tolúwalọpẹ́ ọmọ rẹ̀ wà nínú kíláàsì yìí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ìyá ọmọ náà ti kú láti ìgbà tó ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọsibítù kan ní Àkúrẹ́ ni Akíntóyè gbé ìyàwó rẹ̀ lọ nígbà náà, báàgì aṣọ nìkan ló sì gbé padà wá sílé. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó lè mú un kọjá Òwénà tó wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́. Bí ìpàdé àwọn olùkọ́ bá wà ní Àkúrẹ́, á wá ẹlòmíràn tí yóò lọ dípò rẹ̀.

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún tó kọjá ni mo rí i pé ó ń rù. Ọrùn rẹ̀ gùn sí i nínú ṣẹ́ẹ̀tì. Ó lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì rẹ̀, kò pẹ́, ó tún lu òmíràn. Ó máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ fún ajá tó ń rìn káàkiri ọgbà iléèwé. Lọ́jọ́ kan, ọmọ aláìmọ̀kan kan bi í nínú kíláàsì pé, "Sà, kí ló dé tẹ́ ẹ rù báyìí?" Mo dákẹ́ ní tèmi kí n lè gbọ́ èsì. Ó ní, "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé mo ti ṣí lọ sí òṣùpá ni? Ẹ bá mi kí àwọn ará ayé." Ẹ̀rín bú lu ògiri. Inú bí mi débi pé mo lé àwọn ọmọ tèmi jáde lọ ṣeré.

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán, mo lọ bá a. Mo ní, "Bàbá Lọpẹ́, ẹ má fi mí ṣe ọmọ kékeré. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ létí mi: òṣùpá kì í jẹ ẹran ara ènìyàn. Ẹni tó bá lọ sí òṣùpá, ara rẹ̀ á fúyẹ́ ni, sòkòtò rẹ̀ kò ní tóbi!" Ó wo sòkòtò rẹ̀. Ó ní màláríà ni. Mo ní, "Màláríà wo ló ń ṣe ènìyàn fún oṣù mẹ́rin?" Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má jẹ́ kí Lọpẹ́ gbọ́.

Lọpẹ́ ti ń fura kí n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìwọ̀n kékeré kan ní bálùwẹ̀ wọn, irú èyí tí à ń dúró lé, nọ́ńbà rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá gun orí rẹ̀. Bàbá náà ní kó má dá ìwọ̀n náà lóhùn. Ó ní ó ti pẹ́, sípíríǹgì inú rẹ̀ ti rẹ̀. Ọmọ gba bàbá rẹ̀ gbọ́. Ta ni ì bá tún gbà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ fisíìsì?

Àfi lọ́jọ́ kan tó wá bá mi ní àkókò ìsinmi, tí ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Mà, sípíríǹgì tó bá ti rẹ̀, rírọ̀ ló máa ń rọ̀. Ohun kékeré á nà án púpọ̀. Ó yẹ kí ìwọ̀n wa máa kà ju bó ṣe yẹ lọ ni, kì í ṣe kó máa dín in kù. Dádì ló kọ́ wa lánàá òde yìí." Ó wẹ̀yìn wò, ó tún ní, "Ìyẹn ni pé, tó bá jẹ́ lóòótọ́ ni sípíríǹgì ti rẹ̀, Dádì tiẹ̀ rù ju ohun tó ń kà lọ."

Mo ní kó dúró dè mí títí iléèwé á fi parí.

Mo bá a délé nígbà tí iléèwé parí. Ọmọ náà kò pariwo, kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ bí ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè nínú kíláàsì. Akíntóyè tẹ́tí sí i dé òpin. Mo rí i pé inú rẹ̀ dùn sí ọmọ náà, ìbànújẹ́ rẹ̀ sì tún hàn lójú rẹ̀. Ó ní, "O gbà á. O gba gbogbo máàkì." Ó wá ní ẹ̀rù ló ń ba òun. Ó ní ìgbà tí òun gbé ìyá rẹ̀ lọ, wọ́n sọ orúkọ àìsàn náà fún àwọn, láti ìgbà tí wọ́n sì ti sọ ọ́ ni kò ti dìde mọ́. Mo ní, "Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ dìde." Ó gbà láti lọ.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́. Nígbà tí a kọjá Òwénà, ó di ọwọ́ Lọpẹ́ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Nọ́ọ̀sì mú un lọ sídìí ìwọ̀n gíga kan tó ní apá irin lókè, tí irin kékeré kan ń rìn lórí rẹ̀. Mo rí i tí Lọpẹ́ wò ó látòkè délẹ̀. Kò ní sípíríǹgì kankan. Irú ti bàbá rẹ̀ ni, onígi yẹn, tí ohun kan ń wọn ohun kejì.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, kí ni wọ́n wọ̀n yín sí gbẹ̀yìn?" Ó ní àádọ́rin kílò. Obìnrin náà sún irin náà sí àádọ́rin, apá ìwọ̀n já wálẹ̀, ó dún gbì. Ó sún un padà sí ọgọ́ta. Apá náà kò dìde. Ó tún sún un padà, díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ojú Akíntóyè bó ti ń sún un. Ó ti kọjá àádọ́ta sísàlẹ̀ kí apá irin náà tó rọra gbéra, kó wá dúró gbọọrọ.

Lọpẹ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tún un wọ̀n." Nọ́ọ̀sì ṣàánú rẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ibì kan náà ló dúró sí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká láti orí ìwọ̀n níbẹ̀. Ó ní, "Lọpẹ́, fi sílẹ̀. Bó bá ṣe orí òṣùpá la wà, iye tí yóò kà náà nìyí."

Ìgbà yẹn ni ọmọ náà tó sunkún. Ó sunkún débi pé àwọn aláìsàn tó jókòó síta ń bẹ̀ ẹ́. Èmi sì dúró, inú ń bí mi sí Akíntóyè, sí ẹnu dídùn rẹ̀ àti ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ tó fi ṣe aṣọ bo àìsàn mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà bí ọmọ ìyá mi. Bí ẹ bá fẹ́ràn ènìyàn, tó wá ń fi ara rẹ̀ tàfàlà lójú yín, ẹ̀yin náà á bínú.

Ẹ̀dọ̀ ni dókítà ní ó ti bàjẹ́. Ó ní ká ní a tètè dé ni. Ọ̀rọ̀ yẹn, gbogbo dókítà ló mọ̀ ọ́n sọ. Ọyẹ́ mú, ọyẹ́ lọ, Akíntóyè sì bá a lọ.

Oǹdó la sin ín sí, lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ọkùnrin mẹ́fà ló gbé pósí. Oríọlá tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn wà níwájú. Bí wọ́n ṣe gbé e dìde, ó sọ̀rọ̀ láìmọ̀, ó ní, "Ó mà fúyẹ́ o."

Lọpẹ́ wà lẹ́yìn wọn tààrà, ó gbọ́. Ó ní, "Rárá sà. Bí ilẹ̀ ṣe ń fa gbogbo wa náà ló ṣe ń fa Dádì. Àwọn ni wọ́n dínkù."

Wọ́n fi okùn sọ pósí náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ sì gbà á.