Àwọn Sátidé Tí Kò Sí Nínú Ìwé Wákàtí

Ọ́fíìsì wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Fẹ́sítáàkì, ilé ìtajà oògùn ló wà nísàlẹ̀ wa. Iṣẹ́ wa ni pé kí á máa bá àwọn oníṣòwò to ìwé owó wọn, kí á sì yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ọdún bá parí. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, wákàtí là ń tà. Ní gbogbo Fúráìdé, kí ẹnikẹ́ni tó gbé báàgì, ó gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà: oníbàárà tó ṣiṣẹ́ fún, irú iṣẹ́ tó ṣe, àti iye wákàtí tó gbà á. Ìwé wákàtí là ń pè é. Òun ni Ọ̀gá wa fi ń mọ iye tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ oníbàárà, òun náà ló fi ń mọ ẹni tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dilẹ̀.

Èmi kò ní wàhálà pẹ̀lú ìwé wákàtí, àfìgbà tí ọmọbìnrin kan dé. Ilé rẹ̀ wà ní Ràjí Ràsákì, èmi ni mo sì kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ìwé báǹkì wé ìwé oníbàárà. Kò pẹ́ tó fi di pé iṣẹ́ tó ń gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì, òun á kọ ọ̀sẹ̀ kan sí tirẹ̀. Ní gbogbo ìpàdé ọjọ́ Mọ́ńdè, Ọ̀gá á ní kí a wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá. Kò ní wo ọ̀dọ̀ mi tó bá ń sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí jù.

Mo jowú rẹ̀. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Mo jowú ẹ̀rín rẹ̀, mo jowú bó ṣe ń pè mí ní "Àǹtí mi" bíi pé kò sí nǹkan kan láàárín wa, kódà àkàrà tó máa ń jẹ láàárọ̀ nídìí tábìlì rẹ̀ ń bí mi nínú. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo fẹ́ gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú owú kúrò lọ́kàn mi, àdúrà tó jáde lẹ́nu mi ni pé kí ó kúkú dín ìyára ọmọ yẹn kù díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wá le nígbà tí Ọ̀gá sọ pé òun fẹ́ fi ẹnì kan ṣe olórí lórí gbogbo wa tí à ń lọ yẹ ìwé wò lọ́dọ̀ oníbàárà. Ó ní nínú àwa méjèèjì ni òun á ti mú un. Gbogbo ọdún tí mo ti lò níbẹ̀, ipò yẹn ni mo ń wò. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́, ojú wo ni mo fẹ́ fi máa gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn?

Kí ó lè fi wá wéra, Ọ̀gá gba oníbàárà kan lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ó gbé e fún mi. Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní ọjà Trade Fair ni. Ọ̀gá ní ogójì wákàtí ni mo ní, nítorí ogójì ló wà nínú ìwé ọmọbìnrin náà lọ́dún tó kọjá, orí rẹ̀ náà ni òun sì gbé iye tí òun bá oníbàárà sọ lé.

Mo dé Trade Fair, mo rí iṣẹ́. Inú ọ̀rá ni rìsíìtì wà, àwọn kan ti rẹ nínú òjò. Inú ṣọ́ọ̀bù méjì ni ọjà wà, a sì gbọ́dọ̀ kà á: bùrékì, sọ́ọ̀kì, fáànù, oríṣiríṣi. Ọkùnrin náà kì í sì í dé kí oòrùn tó ga, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kejì sì wà lọ́wọ́ òun nìkan. Mo jókòó dúró dè é títí ó fi sú mi. Nígbà tí ogójì wákàtí fi máa pé, n kò tíì ka ọjà ṣọ́ọ̀bù kejì tán.

Ní ọ́fíìsì wa, a ní ohun tí a ń pè ní "jíjẹ wákàtí". Bí iṣẹ́ bá ju iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un lọ, wàá jẹ ìyókù, o kò ní kọ ọ́. Gbogbo ayé ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, Ọ̀gá nìkan ni kò mọ̀. Mo ti ń rò ó pé kí n jẹ tèmi, ìgbà náà ni obìnrin tó ń tajà fún ọkùnrin náà gbé omi tútù fún mi.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ ń gbìyànjú o. Àǹtí kejì, Sátidé ló máa ń wá parí tiẹ̀. Tó bá ti jókòó síbí, ó di ìgbà tí a bá fẹ́ tì."

Mo ní, "Gbogbo Sátidé?"

"Gbogbo Sátidé tó fi ṣe é. Mo tiẹ̀ ń rò ó pé ọ́fíìsì yín á máa san owó gidi fún un."

Ọ̀gá ti fi ìwé wákàtí ọmọbìnrin náà hàn mí, kò sí Sátidé kankan nínú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ra búrẹ́dì fún obìnrin náà. Mo pinnu lójú ẹsẹ̀ pé n kò ní jẹ wákàtí kan ṣoṣo. Kì í ṣe pé mo jẹ́ olóòótọ́ ju ẹlòmíràn lọ, mo kàn fẹ́ kí àṣírí rẹ̀ tú.

Mo kọ gbogbo rẹ̀, tó fi mọ́ èyí tí mo fi dúró de kọ́kọ́rọ́. Ó lé ní àádọ́rin. Ọ̀gá pè mí, ó ní kí ló dé. Mo ní kí ó bi ọmọbìnrin náà nípa àwọn Sátidé rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin náà wọlé, kò jiyàn rárá.

Ó ní, "Ẹ má bínú sà. Ojú ló ń tì mí. Mo rò pé tí ẹ bá rí bó ṣe pẹ́ tó, ẹ máa ní n kò mọṣẹ́."

Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tó o ṣe fún mi? Mo bá oníbàárà sọ iye tí kò lè kájú iṣẹ́. Mo tún rò pé ọwọ́ ẹ dilẹ̀, mo wá kó iṣẹ́ ẹlòmíràn lé ẹ lórí. Wákàtí tí oníbàárà máa sanwó rẹ̀ àti èyí tí a máa fi jì í, èmi ni màá yàn án. Tiyín ni kí ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe."

Ọmọbìnrin náà ní òun lè fẹ̀sọ̀ rántí àwọn Sátidé náà kí òun kọ wọ́n. Ọ̀gá ní rárá, ohun tí èèyàn bá ń rántí lẹ́yìn ọdún kan, ìfojúbù lásán ni. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kí gbogbo wa máa kọ wákàtí wa lójoojúmọ́ kí a tó kúrò nídìí iṣẹ́, ìbáà jẹ́ Sátidé tàbí àkókò tí a fi dúró de ẹlòmíràn, kí a má fi ìkankan pamọ́. Ó ní tó bá di ìparí oṣù méjì, òun á mú olórí.

Oṣù méjì yẹn dùn mọ́ mi. Mo ń rí i tó ń kọ wákàtí rẹ̀ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń pọ̀ sí i, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé ipò yẹn ti di tèmi. Mo ti ń ro aṣọ tí màá wọ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n bá pe orúkọ mi.

Nígbà tó pé, Ọ̀gá gbé ìwé èmi àti tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn oníbàárà tí a ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Tirẹ̀ pọ̀ gan-an ju èyí tó ń kọ tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀ tèmi ló pọ̀ jù, lórí gbogbo iṣẹ́, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Láìjẹ wákàtí kankan, ọmọ náà ṣì yára jù mí lọ.

Ọ̀gá gbé owó tí à ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà Trade Fair yẹn sókè fún ọdún tó ń bọ̀, ó gba oníbàárà méjì kúrò lọ́rùn ọmọbìnrin náà, ó sì fi í ṣe olórí. Ní gbogbo Fúráìdé báyìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé wákàtí mi máa ń kọ́kọ́ lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá. Á bi mí pé, "Àǹtí mi, ṣé ẹ kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀? Ẹ má jẹ ìkankan o." Màá ní mo kọ ọ́. Á fọwọ́ sí i bó ṣe wà, kò yọ wákàtí kan rí.