Ẹ̀yìn Táìlì

Ní Semarang, ìlú kan ní Indonesia, bí ẹ bá ya fọ́tò àjákù páànù, sílíìnì tàbí táìlì ránṣẹ́ sí Bu Wagiyem, ìyá tó ń ta ohun ìkọ́lé, á sọ irú rẹ̀ kó tó gbé tíì ẹnu rẹ̀ mì. Ẹni tó bá ya ojú ohun náà nìkan, tí kò ya ẹ̀yìn, èébú ló máa jẹ.

Pak Tukiran, bàbá bíríkìlà kan, ya fọ́tò táìlì kan ránṣẹ́ pé òun ń wá irú rẹ̀.

Wagiyem fèsì: "Ojú ni gbogbo ayé ń yà. Ẹ̀yìn ńkọ́, Pak? Ẹ fi sílẹ̀, mo ti mọ̀ ọ́n. Seramiki alámọ̀ ni." Ó sì kó ogójì páálí seramiki ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Tukiran pè é síbi iṣẹ́, ó gbé táìlì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Tuntun fẹ́lẹ́, inú rẹ̀ pọ́n bíi bíríkì. Ti tẹ́lẹ̀ nípọn, àwọ̀ kan náà ló ní látojú dé ẹ̀yìn: granit ni, táìlì tó le bí òkúta.

"Ká ní ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ ni, Pak," Wagiyem ní.

"Mo yà á, Bu," Tukiran rọra fèsì. "Àwòrán kejì ni. Ẹ ò tíì ṣí i tí ẹ fi bú mi."

Wagiyem ṣí fóònù rẹ̀. Ẹ̀yìn táìlì ló wà níbẹ̀, wọ́n tẹ "granit" sí i gàdàgbà.