Oṣù Méjì tí Kò sí Ẹja

Ìwé ètò iṣẹ́ tí Ibtissam Lahlimi kọ ní Casablanca dùn-ún kà. Oṣù kìíní: yóò bá gbogbo òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Oṣù kejì: agolo ẹja tó ń jáde yóò fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Oṣù kẹta: ìdá ogún. Oṣù mẹ́ta yìí náà ni ilé-iṣẹ́ ẹja inú agolo ní Safi fi ń dán an wò gẹ́gẹ́ bí alábòójútó iṣẹ́. Bí kò bá yege, ilé ló ń lọ.

Ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún ló wọṣẹ́. Àárẹ̀ ìrìnàjò ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí Lalla Tamou, olórí àwọn obìnrin tó ń to ẹja, gbé tíì wọlé tó sì yọjú wo ìwé náà.

"Ọmọ mi, ta lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lóṣù yìí? Ẹyẹ orí òrùlé?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ ni, Lalla."

"Òṣìṣẹ́ wo? Ìjọba ti ti òkun láti àná, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pẹja. Ó di ìparí oṣù kejì kí wọ́n tó ṣí i. Ẹja ń bímọ, obìnrin ń jókòó sílé. Ìwọ̀nba tó wà nínú yìnyín kò tó iṣẹ́ ogún ènìyàn."

Ibtissam fọwọ́ bojú. Ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò ló ti wá. Níbẹ̀, omi kì í gba ìsinmi. Ó ti gbọ́ pé wọ́n máa ń ti òkun, àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn apẹja nìkan ló pè é.

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

"Ta lo bi?"

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni òun àti Lalla Tamou fi ń lọ bá àwọn obìnrin tó ń to ẹja láti ilé dé ilé. Ẹsẹ̀ Ibtissam wú. Gbogbo obìnrin ló ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ: ẹ̀rọ kejì tó ń dé agolo kì í dé e dáadáa, àmọ́ bí ẹja bá ti ń wọlé, ta ló ráyè tú ẹ̀rọ?

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, Si Abdelhak, ọ̀gá àgbà, ka ìwé tuntun tí Ibtissam kọ.

"Mo ní kí o fún mi ní nọ́ńbà, o ń sọ ìtàn ilé onílé fún mi."

"Ọ̀gá, kò sí ẹja tí mo lè fi mú ìdá ogún wá. Nínú ẹgbẹ̀rún agolo tí ẹ̀rọ kejì dé, ogún ló ń bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká tú u nísinsìnyí tí iṣẹ́ dúró. Tí òkun bá ṣí, kó má ju márùn-ún lọ. Ìyẹn ni kí ẹ fi wọ̀n mí."

"Tó bá ju márùn-ún lọ ńkọ́?"

"Màá di ẹrù mi."

Ọkùnrin náà fa kálàmù yọ, ó fagi lé márùn-ún, ó kọ mẹ́ta, ó wá fọwọ́ sí i.

Ó ti rẹ Ibtissam ju kó máa dúnàádúrà lọ. Òun náà fọwọ́ sí i, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá mẹkáníìkì, ó ní kó tú ẹ̀rọ kejì.