Fọ́ọ̀mù Tó Ń Kún Fúnra Rẹ̀ ní Agbowó

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni mo kọ́ṣẹ́ títẹ̀wé ní Dùgbẹ̀, lórí tápíráítà tí ariwo rẹ̀ máa ń dé ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á mọ̀ pé a ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo fi dé Agbowó lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, tí mo ń bá Mọ̀mí kan ṣiṣẹ́ ní kàfé íńtánẹ́ẹ̀tì wọn, kọ̀mpútà ti gbàjọba lọ́wọ́ tápíráítà, àmọ́ ara mi ṣì gbóná, sùúrù mi ò sì tó nǹkan. Mọ̀mí yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń jókòó sí láti àárọ̀, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń kí àwọn tó ń wọlé.

Àsìkò ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ yunifásítì ni a máa ń rí jẹ. Iléèwé girama kan wà nítòsí wa, ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá wọn máa ń wá, òbí wọn á sì tẹ̀ lé wọn. Fọ́ọ̀mù náà gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ohun kan náà ni mo ń kọ fún gbogbo wọn: orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wá, Ọ̀yọ́, ìlú tí wọ́n ti máa ṣèdánwò, Ìbàdàn, orúkọ iléèwé, àdírẹ́sì iléèwé. Mo kọ Nàìjíríà títí Nàìjíríà fi sú mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó máa ń wá lo kọ̀mpútà wa ló fi ọ̀nà hàn mí. Ó ní àfikún kan wà tí èèyàn lè fi sínú bíráósà, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣí ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó wá kọ skírípítì tirẹ̀ sínú àfikún náà. Ìwé àṣẹ kékeré kan ni skírípítì yìí. Lókè rẹ̀, a ó kọ àdírẹ́sì ojú ìwé tọ́rọ̀ kàn. Nísàlẹ̀, a ó fi èdè kọ̀mpútà kọ ohun tí a fẹ́ kí ó ṣe níbẹ̀. Nígbàkígbà tí bíráósà bá ti ṣí ojú ìwé yẹn, á ṣe iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé a rán an létí.

Mo jókòó tì í. Àpótí ìpínlẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu. Skírípítì mú Ọ̀yọ́, ó dára, àmọ́ àpótí ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo. Ojú ìwé náà kì í kó orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ jáde àfi tó bá gbọ́ pé wọ́n ti yí ìpínlẹ̀ padà. Tó bá jẹ́ ọwọ́ èèyàn ló yí i, á gbọ́. Tó bá jẹ́ skírípítì, kò ní gbọ́ àfi tí a bá kọ ọ́ sínú àṣẹ náà pé kí ó kéde. Mo fi ìlà kan kún un, orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì tò wá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí fọ́ọ̀mù tí gbogbo àpótí wọ̀nyẹn kún lẹ́ẹ̀kan náà, mo jó yí àga mi ká.

Ayọ̀ yẹn ò pẹ́. Bàbá kan mú ọmọbìnrin wọn wọlé lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé fìlà, wọ́n fa àga sún mọ́ mi, wọ́n sì wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí ní kóòtù. Mo ṣí ojú ìwé. Kí wọ́n tó jókòó dáadáa, fọ́ọ̀mù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán. Bàbá wo kọ̀mpútà, wọ́n wo ojú mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò tíì bi mí ní nǹkan kan. Ta ló sọ fún ọ?"

Mo ṣàlàyé skírípítì fún wọn. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ojú wọn ń le sí i. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù ọmọ ẹlòmíì ni mo fẹ́ fi lé àwọn lọ́wọ́, wọ́n fa ọmọ wọn dìde, wọ́n sì mórí lé kàfé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Àwọn nìkan kọ́. Ìyá kan ní irú iṣẹ́ yìí ò lè dé ọ́fíìsì ìdánwò ní Àbújá. Òmíì ní a ti fi jìbìtì kún un. Ní kàfé kejì, ọ̀gbẹ́ni kan wà níbẹ̀ tó ń fi ìka méjì péré tẹ̀wé, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, àwọn èèyàn sì tò dé ojú títì dè é. Mọ̀mí wo àga wa tó ṣófo. Wọ́n sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé ìyá ẹlẹ́ja yìnyín kan ti ń béèrè ṣọ́ọ̀bù náà, pé bí ìforúkọsílẹ̀ bá parí báyìí, àwọn á gbé e fún un. Ẹ̀rù bà mí, nítorí mi ò níṣẹ́ mìíràn. Inú sì bí mi. Ta ni wọ́n ti ń bínú sí nítorí pé ó mọṣẹ́?

Mo lọ ṣe fọ́tòkọ́pì tí mi ò nílò ní kàfé kejì, kí n lè rí ohun tí ọ̀gbẹ́ni yẹn fi jù mí lọ. Kò fi nǹkan kan jù mí lọ. Ó kàn ń béèrè ni. Orúkọ bàbá ńkọ́? Bàbá á dá a lóhùn, á sì fi ti bàbá tiẹ̀ náà kún un. Kí ni ọmọ fẹ́ kọ́? Ìṣègùn. Ọ̀gbẹ́ni á dáwọ́ dúró, á ní Olúwa á ṣe é, gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà á ṣe àmín. Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi yé mi pé àwọn òbí fẹ́ kí a bi àwọn léèrè. Ọmọ wọn ló ń lọ sí yunifásítì, èmi sì ti parí rẹ̀ láìfi tiwọn ṣe.

Mo padà tún skírípítì náà kọ. Kò ní sáré mọ́. Á dúró sórí àpótí kan, á máa retí kí n tẹ bọ́tìnnì kan tí a kì í sábà lò. Mi ò jẹ́ kí ó jẹ́ Enter, torí Enter lè fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kí a tó parí. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ á máa jáde ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, òun á sì sún sórí àpótí tó kàn. Ní tèmi, màá máa gbá ìka lórí tábìlì kí ó lè dún.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ èyí, jẹnẹrétọ̀ kàfé kejì kú. Bàbá onífìlà wọlé padà pẹ̀lú ọmọ wọn, ó hàn pé ó dùn wọ́n. Gèlè wà lórí mi lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe orí lásán bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo béèrè àlàáfíà ilé, mo béèrè orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní Nàìjíríà, mo tẹ bọ́tìnnì, Nàìjíríà ń jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń mi orí. Mo bi wọ́n pé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá, àbí?

"Ọ̀yọ́ kẹ̀? Ìbàdàn la ń gbé. Èkìtì la ti wá."

Ìka mi dúró lókè. Yunifásítì kan ní Èkìtì ni ọmọ náà fẹ́ lọ, ibẹ̀ sì máa ń ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ náà. Bí mo bá fi fọ́ọ̀mù ti ọjọ́sí ránṣẹ́ ni, mo ti sọ ọ́ di ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àyè yẹn á sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo fọwọ́ ara mi mú Èkìtì, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọn tò wá, bàbá fi ìka tọ́ka sí tiwọn bí ẹni rí ilé.

A parí, a tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n ka ìwé náà látòkè délẹ̀. Àwọn tó ń dúró ní kàfé kejì ti ń wọlé sọ́dọ̀ wa. Bàbá yà sọ́dọ̀ Mọ̀mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ṣe dáadáa bí ẹ ṣe lé ọmọbìnrin tó wà níbí lọ́jọ́sí. Kò bìkítà fún èèyàn. Èyí ló mọṣẹ́."

Ọmọ wọn, tó ti dá mi mọ̀ látìgbà tí wọ́n wọlé, fọwọ́ bo ẹnu. Mọ̀mí ò tilẹ̀ dá abẹ̀bẹ̀ dúró.

"A ti lé e lọ, sà," ni wọ́n wí. "Kò ní padà wá mọ́."

Bàbá ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, sà.