Fẹ̀yìntọlá àti Ẹ̀rọ Ìfápákó Láníyì

Láti orí lọ́rì ni Láníyì ti bá Fẹ̀yìntọlá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì ń kùn, eruku Gwagwalada ń rú, ó na ọrùn jáde láàárín àwọn èrò:

"Ìyá Ọláídé! Tí mo bá ti Kàdúná dé, ẹ̀rọ yẹn ni mo máa kọ́kọ́ gbé kúrò ní Zuba. N kò ní í yá ẹnikẹ́ni mọ́ láé!"

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí lọ́dún tó kọjá," ni Fẹ̀yìntọlá fi dá a lóhùn.

Ó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Lọ́rì náà kò dé Kàdúná.

Káfíńtà ni Láníyì, ọmọ Ọ̀yọ́, ara àwọn tí ó kọ́kọ́ kó irinṣẹ́ wá sí Àbújá nígbà tí ìjọba ń la ìgbẹ́. Ẹ̀rọ ìfápákó tí ó rà ní Ìbàdàn ni gbogbo ọrọ̀ rẹ̀. Iná ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò lágbára tó láti gbé e, ni ó bá fi í yá Aríyọ̀, ilé iṣẹ́ pákó kan ní Zuba, níbi tí òun náà ti ń gba iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí ó kú, ọwọ́ lásán ni Ọláídé, àkọ́bí wọn, fi ń fá pákó. Pákó tí ẹ̀rọ ì bá fá mọ́ kí omi ọbẹ̀ tó hó, ojúmọ́ kan ni ó ń gbà á. Àwọn oníbàárà sì ti ń wo ibòmíràn.

Fẹ̀yìntọlá bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ó gba Zuba lọ. Ṣéènì ni ó bá lẹ́nu géètì. Ọlọ́dẹ kan jókòó sórí táyà.

"Sànnu, Màmá. Kò sí ẹnì kankan. Wọ́n ní wọ́n ti pe kọ́ńpìnnì lẹ́jọ́. Wọ́n ní wọ́n máa ta gbogbo ẹ̀."

"Gbogbo rẹ̀ kẹ̀? Tèmi wà níbẹ̀!"

"Kai, Màmá, èmi géètì ni mo ń ṣọ́."

Ọ̀dọ̀ Sàlímọ́tù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ń ta ọsàn ní ọjà Zuba, ni ó forí lé. Sàlímọ́tù ka ìwé mẹ́fà jáde, kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé.

"Ẹkún kò lè ṣí géètì," ni ó wí. "Kóòtù ni ká lọ. Bí wọ́n bá pe kọ́ńpìnnì lẹ́jọ́ lóòótọ́, orúkọ rẹ̀ á wà nínú ìwé wọn. Dìde, jàre!"

Ní ilé ẹjọ́ gíga, akọ̀wé kan tí ń jẹ́ Màmúdù, ará Kabba, ni ó ń tọ́jú ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ẹjọ́ sí. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ san owó ìwádìí lọ́dọ̀ akápò. Nígbà tí wọ́n mú rìsíìtì dé, ó ṣí ìwé, ó ń fi ìka tẹ̀ lé orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ojú ewé dé ojú ewé.

"Kò sí Aríyọ̀ níbí."

Sàlímọ́tù pàtẹ́wọ́, ó ju ìdí sọ́tùn-ún. "Irọ́ ni! Irọ́ ni wọ́n ń pa! Wọn kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́!"

Fẹ̀yìntọlá gan-an ti fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́.

"Ẹ má tíì jó, ẹ̀yin màmá," ni Màmúdù wí, ẹ̀rín ń pa á. "Aríyọ̀, ṣé orúkọ kọ́ńpìnnì ni àbí orúkọ ẹni tó ni ín?"

Wọ́n wo ara wọn. Gbogbo Zuba ló ń pe ibẹ̀ ní Aríyọ̀. Ta ni yóò béèrè orúkọ míràn?

"Orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni kóòtù ń kọ. Ẹ lọ wo bóyá wọ́n kọ ọ́ sí pátákó wọn."

Wọ́n wọ mọ́tò padà sí Zuba. Sàlímọ́tù gun orí táyà ọlọ́dẹ, ó rọ̀ mọ́ géètì bí aláǹgbá. Lábẹ́ "ARÍYỌ̀" gàdàgbà, ó rí lẹ́tà kéékèèké tí eruku ti bò. Ó fi itọ́ nù ún. "Gú-rá-rà! Gúrárà Tímbà Límítẹ̀dì!"

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Hajia, ẹ máa fọ́ táyà mi!"

Nígbà tí wọ́n tún dé kóòtù, Màmúdù kò tíì yí ewé mẹ́ta tí ó fi fọwọ́ lu tábìlì. "Ó wà níbí. Ẹni tó ń ta ìtì igi fún wọn ló pè wọ́n lẹ́jọ́. Adájọ́ dá a láre." Ó tẹ ojú mọ́ ìlà tó kẹ́yìn. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Àwọn oníṣẹ́ kóòtù lọ láti gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù wọn, wọ́n bá rìsífà níbẹ̀, ẹni tí báńkì fi sípò kí ó gba àkóso ilé iṣẹ́ náà nítorí gbèsè. Wọ́n padà lọ́wọ́ òfo."

"Ta ni rìsífà yìí?"

"Kò sí orúkọ rẹ̀ níbí. Báńkì ló fi í sípò, kì í ṣe kóòtù. Inú ìwé ìròyìn ni wọ́n máa ń kéde irú rẹ̀ sí. Ẹ lọ sí ilé ìkàwé ìjọba ní Garki, kí ẹ ní kí wọ́n kó ìwé ìròyìn oṣù méjì yìí wá fún yín."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Sàlímọ́tù ń kà, Fẹ̀yìntọlá ń ṣí ewé fún un. Ìkéde òkú, ìkéde orúkọ tí ẹnìkan yí padà, ilé tí wọ́n fẹ́ tà. Lójijì ni Sàlímọ́tù na ìka, ohùn rẹ̀ sì gòkè tó bẹ́ẹ̀ tí olùtọ́jú ìwé fi sọ pé "Ẹ ṣùúù!"

"Gúrárà! Wò ó! Adésànyà ni wọ́n pe rìsífà, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Wúsè. Wọ́n ní ẹni tó bá ní ẹrù nínú ọgbà náà kí ó mú ẹ̀rí wá kí ọjọ́ gbàǹjo tó pé." Ó fi ìka tẹ ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀. "Ọ̀la ni gbàǹjo, Ìyá Ọláídé."

Ṣé wọ́n rìn ni àbí wọ́n fò? Fẹ̀yìntọlá kò mọ bí wọ́n ṣe dé Wúsè. Adésànyà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, gbọ́ ọ dópin.

"Ohun tó jẹ́ ti kọ́ńpìnnì nìkan ni mo lẹ́tọ̀ọ́ láti tà, Màmá. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé tiyín ni? Ẹ ní rìsíìtì?"

"Ó wà lápò ọkọ mi nínú lọ́rì tó pa á."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀.

"Àmọ́ ó jó àmì sí i!" ni Fẹ̀yìntọlá wí. "Gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń fi irin gbígbóná jó, ẹsẹ̀ àkùkọ. Ti ẹ̀rọ yẹn wà lábẹ́ igi tí ó jókòó lé, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Èmi ni mo gbé iná dání fún un."

"Ẹ lọ búra sí i ní kóòtù. Kí ẹ mú ìwé ìbúra náà wá kí n tó ti ọ́fíìsì."

Màmúdù ti ń ti fèrèsé nígbà tí ó rí wọn. "Ẹ̀yin náà tún ni?" Ṣùgbọ́n ó jókòó padà, ó fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ ọ̀rọ̀ Fẹ̀yìntọlá sílẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́. Fẹ̀yìntọlá gbé Bíbélì dání, ó búra níwájú òṣìṣẹ́ tó ń gba ìbúra, ó tẹ àtàǹpàkò.

Adésànyà kà á, ó sì ní kí àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ òun. Ọlọ́dẹ ṣí géètì, ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ là. Nínú àtíbàbà ńlá tí àwọn ẹ̀rọ wà, Adésànyà fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí èérún pákó nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó tan iná wò ó lábẹ́.

"Ẹsẹ̀ àkùkọ," ni ó wí láti ilẹ̀ níbẹ̀.

Sàlímọ́tù kígbe, ó dì mọ́ ọlọ́dẹ, ọlọ́dẹ ní "Kai! Kai!" Fẹ̀yìntọlá gbé ọwọ́ lé irin tútù náà, ó sì rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú òun. Adésànyà mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ẹ̀rọ pé kí wọ́n má tà á. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n lu tábìlì, ayùn àti ìtì igi tó yí i ká ní gbàǹjo, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ.

"Ǹjẹ́ mo lè gbé e?" ni Fẹ̀yìntọlá bi Adésànyà.

"Ti olóògbé ni, Màmá. Ẹni tí kóòtù bá fún ní ìwé àṣẹ lórí ogún rẹ̀ nìkan ni mo lè gbé e fún. Kóòtù á sì ní kí ẹ mú onídùúró méjì wá."

Fẹ̀yìntọlá ti rí onídùúró kan báyìí. Àbúrò Láníyì tí ó yẹ kí ó ṣe ìkejì kò tíì wá láti Ọ̀yọ́. Kóòtù kò tíì fún Fẹ̀yìntọlá ní ìwé àṣẹ, ẹ̀rọ náà sì ṣì wà ní Zuba.